Báǹkì Yí Aago Padà: Èyí Tó Lọ sí Slack àti Èyí Tó Lọ sínú Ímeèlì

Ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Yàbá, l'Ékòó, kò tóbi. Iṣẹ́ wa ni pé a ń bá àwọn ilé-ìwé aládàáni gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn òbí. Òbí á san owó lórí áàpù wa, owó náà á kọ́kọ́ wọ àpò kan ní báǹkì, báǹkì á sì pín in sínú àpò ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e. Aago kan ló wà nídìí ètò yìí. Tẹ́lẹ̀, bí òbí bá san kí aago 5 ìrọ̀lẹ́ tó lù, wọ́n á kà á mọ́ owó ọjọ́ yẹn, ilé-ìwé á sì rí i lọ́jọ́ kejì. Bó bá kọjá aago 5, ó di owó ọjọ́ kejì, ilé-ìwé á sì fi ọjọ́ kan dúró sí i.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, báǹkì kọ ímeèlì sí wa pé láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, aago 3 ọ̀sán làwọn yóò máa pa ìwé owó ojoojúmọ́ dé. Oṣù Kẹsàn-án yìí gan-an ni ilé-ìwé ń wọlé. Kò sí ìgbà mìíràn lọ́dún tí owó ń ya wọlé tó bẹ́ẹ̀, ìgbà náà sì ni àwọn bọ́sà máa ń yẹ àpò wò láràárọ̀ kí wọ́n tó gbà kí ọmọ wọ kíláàsì. Ọmọ tí òbí rẹ̀ ti sanwó, tí owó náà kò tíì dé ọ̀dọ̀ bọ́sà, lè rí ara rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ kí ìkéde yìí lọ bákan ṣáá.

Ọ̀dọ́bìnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ ojoojúmọ́ ní ẹ̀ka wa ni mo ní kó kọ ọ́. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá kó tó fi ránṣẹ́. Slack, áàpù tí àwa òṣìṣẹ́ fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ló kọ ọ́ sí, sí ṣánẹ́ẹ̀lì tí gbogbo òṣìṣẹ́ wà, ó sì ti fi `@channel` ṣíwájú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń kọ̀wé níbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí lédè wa nìyí:

"Ẹ káàsán o gbogbo yín, ẹ kú iṣẹ́. Báǹkì ti kọ̀wé o, wọ́n ní aago tí wọ́n fi ń pa ìwé owó dé yóò yí padà láti ọjọ́ kìíní, torí náà ẹ jẹ́ kí àwọn ilé-ìwé mọ̀, kí àwọn ẹnjiníà náà wo ibi tí aago yẹn wà nínú áàpù, ká sì tún ojú ìwé ìbéèrè ṣe. Owó tí wọ́n bá san lẹ́yìn aago mẹ́ta kò ní wọlé lọ́jọ́ kejì mọ́. Ẹ mọ̀ pé àwọn ilé-ìwé kan máa pariwo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣe sùúrù fún wọn. Ẹ ṣé o."

Ó bi mí pé, "Mà, bí mo bá ti fi èyí síta tán, ṣé kí n da ọ̀rọ̀ kan náà kọ sínú ímeèlì sáwọn ilé-ìwé?"

Ìbéèrè tó dáa ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọ̀rọ̀ kúkúrú ni ti Slack, ọ̀rọ̀ gígùn ni ti ímeèlì, tàbí pé ohun kánjúkánjú ń lọ sí Slack, ohun tó lè dúró ń lọ sínú ímeèlì. Ìyẹn kọ́ ni mo fi ń pinnu. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé ta ni yóò wá ọ̀rọ̀ yìí kiri lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, kí ló sì fẹ́ fi í ṣe. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń bèèrè bóyá a fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà ṣì máa yí bí àwọn ènìyàn bá ṣe ń dá sí i, àbí a fẹ́ kó dúró bí a ṣe kọ ọ́.

Mo ní kó jókòó, a sì jọ wo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Àkọ́kọ́ ni ẹnjiníà tó mọ ibi tí aago náà wà nínú áàpù. Ìkejì ni àǹtí tó ń darí àwọn tó ń gbé fóònù nígbà tí òbí tàbí bọ́sà bá pè. Àwọn méjèèjì yìí ní nǹkan tí wọ́n máa ṣe kí ọjọ́ Ajé tó dé, wọ́n á sì ní ìbéèrè. Ìkẹta ni àwọn ilé-ìwé, tí wọn kò sí lórí Slack wa rárá. Àdéhùn wa pẹ̀lú wọn sì sọ ọ́ kedere pé bí ohunkóhun bá yí padà nípa ìgbà tí owó wọn ń wọlé, a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ímeèlì tí wọ́n fún wa, ó pẹ́ tán ọjọ́ 2 ṣáájú. Ti wọn kò ní àríyànjiyàn nínú: ímeèlì ni. Àwa àti bọ́sà máa ń sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp lójoojúmọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n WhatsApp kọ́ ni àdéhùn dárúkọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù, láti ẹni tó ń ta ọjà títí dé ẹni tó ń ṣe àwòrán, kò sí nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti ní kó yọ `@channel` kúrò. `@channel` máa ń pe gbogbo ẹni tó wà nínú ṣánẹ́ẹ̀lì, àtẹni tó wà lórí ìlà àtẹni tí kò sí. `@here` ń pe kìkì àwọn tó wà lórí ìlà lásìkò yẹn. Méjèèjì kò yẹ ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ènìyàn méjì. Bí gbogbo ènìyàn bá gbọ́ ìpè, kálukú á rò pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Orúkọ ẹni méjì náà ni ká kọ, nínú ṣánẹ́ẹ̀lì tí a ti ń sọ̀rọ̀ sísan owó, tí à ń pè ní `#sisan-owo`.

Mo tún ní kó yọ gbólóhùn tó ní àwọn ilé-ìwé kan máa pariwo. Kò ní èrò burúkú sí wọn, ìkìlọ̀ ló ń ṣe fún àwọn tó ń gbé fóònù. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà, kò sì sí ojú lórí Slack. Ẹnikẹ́ni lè ya àwòrán ojú fóònù rẹ̀, kó sì fi í ránṣẹ́ síbi tí a kò rò. Pàápàá jù lọ, ọmọ ọ́fíìsì kan lè da gbogbo ọ̀rọ̀ náà kọ sínú ímeèlì tó ń lọ sọ́dọ̀ bọ́sà láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tó fẹ́ sọ ṣì lè wọlé lọ́nà mìíràn: "Àwọn bọ́sà lè pè gan-an ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́."

A wá dé orí ìkíni, a sì dúró síbẹ̀ díẹ̀. Ẹnjiníà náà fi ọjọ́ orí ju ọ̀dọ́bìnrin náà lọ dáadáa, àǹtí náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bí i. Àṣà rẹ̀ ni pé kó kọ́kọ́ kọ "Ẹ káàsán, ẹ̀gbọ́n," kó fi ránṣẹ́, kó wá dúró kí ẹ̀gbọ́n dáhùn kó tó sọ ohun tó gbé e wá. Lójúkojú, bó ṣe yẹ nìyẹn. Lórí Slack, fóònù ẹ̀gbọ́n á dún, á yọ ọ́ wò, kò ní bá nǹkan kan níbẹ̀ ju ìkíni lọ. Á dáhùn, á tún dúró. Ọmọbìnrin náà lè ti lọ síbi ìpàdé nígbà yẹn. Wákàtí kan lè kọjá kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Mo sọ fún un pé kó kí wọn, kó sì sọ ọ̀rọ̀ nínú ìfiránṣẹ́ kan náà. "Ẹ" ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó sọ pé "ẹ jọ̀wọ́", ọ̀wọ̀ wọn pé. Àfikún rẹ̀ ni pé ìfilọ̀ tó ń yọ lójú fóònù kì í gbà ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ. Bí ìkíni bá gbé gbogbo àyè yẹn tán, ẹ̀gbọ́n kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé ni.

Èyí ni ohun tó lọ sí `#sisan-owo` ní nǹkan bí aago 4 kọjá ní Ọjọ́bọ̀ náà, lẹ́yìn orúkọ àwọn méjèèjì:

"Ẹ káàsán. Láti ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹsàn-án, báǹkì yóò máa pa ìwé owó ojoojúmọ́ dé ní aago 3 ọ̀sán dípò aago 5.
Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yí aago náà padà nínú áàpù kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, títí kan ibi tí òbí ti ń rí i.
Àǹtí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ sọ fún àwọn tó ń gbé fóònù. Àwọn bọ́sà lè pè gan-an ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.
Ímeèlì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-ìwé ní aago 10 àárọ̀ ọ̀la. Bí ẹ bá rí ohun tó ta kókó, ẹ jọ̀wọ́ ẹ kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí kó tó di àsìkò yẹn. Ẹni tó bá ti parí tirẹ̀, kó fi ✅ sí i."

Ẹ wò ó, kò kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni kọ̀ọ̀kan rí ìlà tirẹ̀, ó rí ọjọ́ tó parí sí, ó sì mọ ibi tí yóò kọ ìbéèrè sí. "Ọjọ́ kìíní" ti di "ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹsàn-án", nítorí pé ẹni tó bá kà á ní Ọjọ́bọ̀ lè rò pé ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀ ni, ìyẹn ọjọ́ Àìkú.

Ìlà tó kẹ́yìn yẹn ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí Slack ṣíwájú ímeèlì. Ọ̀rọ̀ tó wà lórí Slack, ẹni tó kọ ọ́ ṣì lè ṣí i, kó tún un kọ. Àmì kékeré `(edited)` nìkan ló máa yọ lẹ́yìn rẹ̀, ẹni tó ń kà á kò sì ní rí ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí dára fún ọ̀rọ̀ tí a ṣì ń tò pọ̀. Ímeèlì kò rí bẹ́ẹ̀. Gmail lè bá ọ dá a dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tó pọ̀ jù ni 30. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti wà lọ́wọ́ bọ́sà, bó o bá sì fẹ́ tún un ṣe, ímeèlì kejì lo máa kọ. Bọ́sà tó bá rí ìkéde méjì tó takora lórí ọ̀rọ̀ owó, méjèèjì ni kò ní gbà gbọ́.

Kò pẹ́ tí ìbéèrè fi jáde. Kó tó di aago 5, ẹnjiníà kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà pé, "Aago ta ni à ń wò? Bí òbí bá tẹ bọ́tìnnì ní aago 3 ku ìṣẹ́jú 1, tí báǹkì gba owó náà lẹ́yìn tí aago 3 ti lù, ọjọ́ wo ló bọ́ sí?" Nínú àwa tó kọ ọ̀rọ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó ronú dé ibẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò sí nínú ìwé tí báǹkì kọ. Ibi tó yẹ kí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ti jáde nìyẹn, láàárín ilé, nígbà tí kò tíì ba nǹkan kan jẹ́.

Ọmọbìnrin náà fẹ́ pe báǹkì lórí fóònù. Mo ní kó pè wọ́n, kó má bàa di pé à ń dúró, ṣùgbọ́n kó tún kọ ímeèlì sí wọn lórí lẹ́tà tí àwọn fúnra wọn kọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, kí ìdáhùn lè wà lábẹ́ ìkéde wọn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kọ, pẹ̀lú àpẹẹrẹ aago inú rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì wọ́n dáhùn: aago tí owó dé ọ̀dọ̀ báǹkì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe aago tí òbí tẹ bọ́tìnnì. Ó da gbólóhùn náà kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ orí Slack, ẹnjiníà fi ✅ sí i, ó sì di ìlà kan nínú ímeèlì àwọn ilé-ìwé. Bí ímeèlì náà bá ti jáde lọ́jọ́bọ̀ ni, ìlà yẹn kò bá sí nínú rẹ̀.

Ó kù bí a ṣe máa kọ ọ́. Ẹni tó máa ka ímeèlì yìí kò mọ̀ wá dáadáa, kò mọ ohun tó ń jẹ́ `#sisan-owo`, ó sì lè jẹ́ pé oṣù Kejìlá ni yóò tún ṣí i, nígbà tí ẹni tó ń yẹ ìwé owó ilé-ìwé wò bá bi í pé kí ló dé tí owó kan fi pẹ́. Nítorí náà, ohun gbogbo tó nílò gbọ́dọ̀ wà nínú lẹ́tà náà. Àkọlé lẹ́tà tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ kọ ni "Ìkéde pàtàkì". Àwọn bọ́sà ń rí ìkéde pàtàkì tó pọ̀ lọ́sẹ̀, kò sì sí ẹni tó máa fi "pàtàkì" wá lẹ́tà ní oṣù Kejìlá. Ohun tí yóò tẹ̀ sínú àpótí ìwákiri ni "aago 3" tàbí "oṣù Kẹsàn-án". Ohun tó lọ nìyí:

"Àkọlé: Láti 1 oṣù Kẹsàn-án, owó tó bá dé báǹkì lẹ́yìn aago 3 ọ̀sán yóò fi ọjọ́ iṣẹ́ kan pẹ́ sí i

Ẹ kú àárọ̀, Bọ́sà.

Láti ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án, báǹkì tó ń pín owó ilé-ìwé yóò máa pa ìwé owó ojoojúmọ́ dé ní aago 3 ọ̀sán, aago Nàìjíríà. Títí di ìsinsìnyí, aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni.

Bí àpẹẹrẹ, bí òbí bá san owó ní ọjọ́ Ẹtì ní aago 3 kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ọjọ́ Ajé ni ẹ ì bá rí i tẹ́lẹ̀. Láti 1 oṣù Kẹsàn-án lọ, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ máa rí i. Aago tí owó dé báǹkì ni wọ́n ń kà, kì í ṣe aago tí òbí san án.

Kò sí ohun tí ẹ máa yí padà lọ́dọ̀ yín. Iye owó tí à ń gbà fún iṣẹ́ wa kò yí padà. Bí òbí bá fi rísíìtì áàpù wa hàn yín, tí owó náà kò tíì wọ àpò yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pè wá lórí nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀, a ó sọ ọjọ́ tó máa wọlé fún yín.

Ẹ ṣeun."

Wọ́n lè bi mí pé kí ni "aago Nàìjíríà" ń ṣe níbẹ̀. Àwọn òbí kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń san owó ilé-ìwé fún ọmọ tàbí àbúrò tó wà nílé. Ní oṣù Kẹsàn-án, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Èkó jọ ń lọ ni. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, tiwọn á fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Òbí tó bá san ní aago 2 ààbọ̀ lọ́hùn-ún nínú oṣù Kọkànlá á rò pé òun ṣì wà láyè, bẹ́ẹ̀ aago 3 ààbọ̀ ti lù ní Èkó. Lórí Slack wa, a kò nílò gbólóhùn yẹn, torí pé Èkó ni gbogbo wa wà. Nínú lẹ́tà tí bọ́sà lè fi ránṣẹ́ sí òbí, ó pọn dandan.

A kò kó àdírẹ́sì gbogbo ilé-ìwé sórí ìlà kan. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ bọ́sà kọ̀ọ̀kan, ọ̀gá ilé-ìwé náà sì wà lórí `Cc`. Bí wọ́n bá wà lójú kan náà, ilé-ìwé kan á rí oníbàárà wa yòókù, ẹni tó bá sì fẹ́ dá wa lóhùn lè fi ọ̀rọ̀ àpò owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo wọn láìmọ̀.

Ìdí mìíràn wà tí mi ò fi lè gbà kí Slack jẹ́ ibi tí ẹ̀rí wà. Ètò ọ̀fẹ́ ni ilé-iṣẹ́ wa ń lò, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kékeré. Lórí ètò ọ̀fẹ́, ọ̀rọ̀ ọjọ́ 90 sẹ́yìn nìkan ni Slack ń fi hàn. Ohun tí a kọ ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ á ti wọlẹ̀ kí oṣù Kọkànlá tó parí. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2024, wọ́n tún ti ń pa ohun tó bá ti lé ní ọdún kan rẹ́ pátápátá. Ohun tí a bá pinnu níbẹ̀, tó bá jẹ́ ohun tí a lè bi wá léèrè, a gbọ́dọ̀ gbé e jáde kó tó rì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ìdáhùn báǹkì wà nínú ímeèlì, kí Slack sì ní ẹ̀dà rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, nǹkan kan tún ṣẹlẹ̀ tó mú ètò náà yí. Ní aago 3 kọjá díẹ̀, ẹnì kan nínú àwọn tó ń gbé fóònù gbọ́ látọ̀dọ̀ òbí kan pé áàpù ṣì ń sọ fún òun pé aago 5 ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ímeèlì sí ẹnjiníà. Àǹtí dá a dúró, ó ní kó gbé e lọ sí `#sisan-owo`. Òótọ́ ni àǹtí sọ: owó ṣì ń wọlé lákòókò yẹn, ẹni kan ṣoṣo ló lè dá a dúró, ímeèlì rẹ̀ sì lè wà láìkà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ohun tó kọ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, òbí ṣì ń rí 'aago 5' lójú ìwé ìsanwó. Ó bẹ̀rẹ̀ láti aago 3. Èèyàn mẹ́ta ti pè, gbogbo wọn ń lo fóònù Android. Àwòrán ojú fóònù ọ̀kan nínú wọn rèé. Mi ò tíì sọ nǹkan kan fún ilé-ìwé."

Mo fẹ́ràn gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn gan-an. Ẹnjiníà mọ ohun tó ti jáde síta àti ohun tí kò tíì jáde, kò sì ní láti bèèrè. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ó dáhùn: "Àkọlé yẹn wà nínú áàpù fúnra rẹ̀, kò sí lórí sáfà. Ẹni tí kò tíì gba ẹ̀dà tuntun ṣì ń rí ti àtijọ́. Mò ń fipá mú un gba tuntun báyìí." Ní aago 4 ó kọ ọ́ pé ó ti parí.

Ọmọ tó ń gbé fóònù náà fẹ́ mú ìdáhùn ẹnjiníà, kó fi ránṣẹ́ sí àwọn ilé-ìwé bó ṣe wà. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò dáhùn ìbéèrè kankan tí bọ́sà ní. Bọ́sà kò fẹ́ mọ sáfà. Ó fẹ́ mọ owó tí ọ̀rọ̀ kàn, ọjọ́ tó máa dé, àti ohun tó yẹ kó ṣe sí ọmọ tó wà níwájú rẹ̀. A kò sì kọ ọ́ sí gbogbo ilé-ìwé, àwọn tí òbí wọn san owó láàárín aago 3 sí 4 nìkan ni. Ọ̀dọ́bìnrin wa ló kọ ọ́, mi ò yí nǹkan kan padà níbẹ̀:

"Àkọlé: Owó tí àwọn òbí san ní ọjọ́ Ajé, 1 oṣù Kẹsàn-án, láàárín aago 3 sí 4: Ọjọ́rú ló máa dé ọ̀dọ̀ yín

Ẹ káàalẹ́, Bọ́sà.

Láàárín aago 3 sí aago 4 ọ̀sán òní, àwọn òbí kan ṣì rí aago 5 lórí áàpù wa, wọ́n sì rò pé owó wọn á dé ọ̀dọ̀ yín lọ́la. Ọjọ́rú, ọjọ́ 3, ló máa dé. Àṣìṣe náà wá láti ọ̀dọ̀ wa, a sì ti tún un ṣe.

Orúkọ àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn ní ilé-ìwé yín àti iye tí òbí wọn san wà nínú fáìlì tó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Owó náà ti wà ní báǹkì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà wọ kíláàsì lọ́la."

Fáìlì kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ ilé-ìwé tó ni ín, ọ̀dọ́bìnrin náà àti ẹnì kejì sì jọ yẹ orúkọ wò kó tó fi ránṣẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ náà, bọ́sà kan dáhùn pé orúkọ ọmọ kan ní ilé-ìwé òun kò sí nínú fáìlì, bẹ́ẹ̀ ìyá rẹ̀ fi rísíìtì hàn. A wò ó: aago 3 ku ìṣẹ́jú 4 ni owó náà dé báǹkì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló máa rí i. Ọ̀dọ́bìnrin wa fi ìyẹn dá a lóhùn lábẹ́ lẹ́tà kan náà, ó sì kọ ìlà kan sí `#sisan-owo` kí àwọn tó máa gbé fóònù láàárọ̀ lè mọ̀.